Ọwọ́ Tó Ń Ya Àdìrẹ

Ẹni tó bá mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ kì í kọ́kọ́ wo àwọ̀ rẹ̀. Ojú ìlà ló máa ń wò. Aládìrẹ á ti ìyẹ́ adìẹ bọ ẹ̀kọ láfún, á fi fa ìlà sórí aṣọ funfun, á sá a títí á fi gbẹ, kó tó wá rì í sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kì í ráyè wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ tó ti gbẹ máa ń sán nígbà tí wọ́n bá ń ká aṣọ náà wọnú ìkòkò, aró á sì gba ojú sísán yẹn wọlé. Ohun tó fà á nìyẹn tí èèyàn fi ń rí iṣan aró tín-ín-rín lára ibi tó yẹ kó funfun báláú. Iṣan wọ̀nyí ni oníbàárà tó mọjà ń wá. Kò sí aṣọ méjì tí tiwọn bára mu, nígbà tó jẹ́ pé aṣọ tí ilé iṣẹ́ fi ẹ̀rọ tẹ̀, nǹkan kan náà ló ń tún ara rẹ̀ ṣe látòkè délẹ̀.

Ní báyìí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ra àdìrẹ gidi kì í fọwọ́ kan aṣọ kí wọ́n tó sanwó. Wọ́n wà ní Pẹ́kàmù ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n wà ní Híúsítọ̀nù ní Amẹ́ríkà, àwòrán tó bọ́ sórí fóònù wọn ni wọ́n fi ń ṣèpinnu. Bí àwòrán náà bá ṣe bàìbàì, iṣan aró á pòórá, ìlà tí wọ́n fi ìyẹ́ fà á dà bí èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀, oníbàárà á sì ná an ní owó aṣọ ọjà òyìnbó. Ìyà gidi nìyẹn jẹ́ fún obìnrin tó jókòó ti aṣọ kan fún ọjọ́ púpọ̀. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń bá ìyá rẹ̀ tajà ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta, ẹni tí àwòrán rẹ̀ máa ń jẹ́ kí èèyàn lè ka iṣan lára aṣọ. Fóònù ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣe olówó ńlá. Igun rẹ̀ kan ti fọ́, ọdún tó jáde sì ti pẹ́ díẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo lọ wò.

Kó tó ya ohunkóhun, ó máa ń yí ẹ̀yìn fóònù sókè, á wá gbé ojú kámẹ́rà dágùn-ún sí ìmọ́lẹ̀. Kì í wò ó ní ọ̀ọ́kán, nítorí ọ̀rá kì í hàn ní ọ̀ọ́kán. Ẹ̀gbẹ́ ló ti máa ń wò ó, títí ìmọ́lẹ̀ á fi kọ mọ̀nà lára gíláàsì náà tí ipa ìka á sì jáde. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máà sí ìgbà tí kì í sí níbẹ̀. Ìka tí a fi ń gbé fóònù yọ nínú àpò máa ń gba orí ojú kámẹ́rà kọjá, ẹni tó bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọwọ́ jẹ ẹ̀bà tàbí tó pa ìpara, a jẹ́ pé ó ti kun kámẹ́rà náà.

Ó kọ́kọ́ fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, fúù, kí eruku bọ́ sílẹ̀. Kò fi nǹkan kan kàn án ná. Ìyanrìn le ju gíláàsì lọ, àti pé nígbà ọyẹ́ ní Abẹ́òkúta, kò sí ohun tí eruku kì í bà lé. Ẹni tó bá fi aṣọ nu ún lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń fi ìyanrìn ha ojú kámẹ́rà ni, ibi tó bá sì ti ha, kò sí aṣọ tó lè nù ún kúrò mọ́. Lẹ́yìn èyí ló wá mí sí i, hàà, títí ó fi bu kùrukùru. Ó yọ aṣọ kékeré kan tó máa ń bá awò ojú wá láti ilé ìtajà awò, ó nu ún láti àárín lọ sí etí, ó ń yí i po. Ó yí aṣọ náà padà sí ibi tó mọ́, ó tún nu ún lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó fi orí aṣọ náà tọ igun páòṣì tó yí kámẹ́rà ká, nítorí ibẹ̀ ni ìdọ̀tí máa ń sá pamọ́ sí, tí á tún rìn jáde padà sórí gíláàsì.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi etí ìró tàbí bùbá rẹ̀ nu ún, bí gbogbo wa ti máa ń ṣe. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, aṣọ ara mi ti gba eruku láti àárọ̀. Ẹ tún wò ó, bí mo bá fà á wálẹ̀ báyìí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀rá yẹn ò lọ. Ó kàn tò sójú kan ni."

Ó fi hàn mí. Ó fi àtàǹpàkò fa ojú kámẹ́rà láti òkè wálẹ̀, ó wá kọ fóònù náà sí gílóòbù tó wà ní ẹ̀yìn ìsọ̀. Ìlà ìmọ́lẹ̀ gígùn kan yọ láti ara gílóòbù náà, ó sọdá láti ọwọ́ ọ̀tún lọ sí ọwọ́ òsì. Ó tún fi àtàǹpàkò fà á láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́, ìlà ìmọ́lẹ̀ náà sì dìde dúró, ó wá ń lọ láti òkè délẹ̀. Ọ̀rá tí a fà ní apá kan máa ń fi ojú ìlà wẹ́wẹ́ sílẹ̀ sórí gíláàsì, ìmọ́lẹ̀ tó bá bá wọn pàdé á sì fọ́n ká ní ìdábùú wọn. Ohun tí a máa ń rí nìyẹn nínú fótò ayẹyẹ alẹ́, níbi tí gbogbo iná ti ń ta ìrù, tí a sì máa ń rò pé iná náà ló mọ́lẹ̀ jù. Ọ̀rá ni. Lọ́sàn-án, kì í sábà hàn báyìí. Ohun tó máa ń ṣe lọ́sàn-án ni pé ó máa ń da ìmọ́lẹ̀ ibi funfun sórí ibi dúdú, tí aró tó yẹ kó dú bí alẹ́ á wá di eérú, tí gbogbo àwòrán á sì dà bí èyí tí èéfín bò. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti sọ fún mi pé kámẹ́rà fóònù àwọn ti "ń kú". Ní temi, kí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ ẹ, kí wọ́n mí sí i, kí wọ́n nù ún ná.

Ó ku ohun kan: ẹ wò ó dáadáa bóyá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi bo ojú kámẹ́rà láti ilé iṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Mo ti rí i lára fóònù tí wọ́n ti lò pẹ́.

Aṣọ tó fẹ́ yà lọ́jọ́ tí mo ń sọ yìí jẹ́ Ìbàdàndùn, àdìrẹ ẹlẹ́kọ tó ní òpó Gbọ̀ngàn Màpó lára. Kò yà á nínú ìsọ̀. Ó gbé e jáde síbi tí òjìji wà lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí oòrùn ò ti lè bá a ní tààrà ṣùgbọ́n tí ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run pọ̀, ó fi kílíìpù mú un mọ́ okùn lókè, ó sì fi kílíìpù méjì mìíràn mú ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́ igi kan kí afẹ́fẹ́ má baà máa gbé e. Èmi rò pé torí ẹwà ló ṣe jáde. Ó ní rárá, torí ọwọ́ òun ni.

Ọ̀rọ̀ yìí yẹ kí èèyàn lóye. Kámẹ́rà kì í gba àwòrán ní ìṣẹ́jú tí a tẹ̀ ẹ́ kó sì parí. Ó máa ń ṣí ojú rẹ̀ fún àkókò kan kí ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ tó lè wọlé. Bí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀, àkókò yẹn á kéré gan-an. Bí ibẹ̀ bá ṣókùnkùn, á gùn. Ó ṣí àwọn àwòrán méjì tó ti yà tẹ́lẹ̀ fún mi, ó sì fa àlàyé abẹ́ wọn jáde, nítorí ọ̀pọ̀ fóònù máa ń kọ ọ́ síbẹ̀. Lábẹ́ èyí tó yà nínú ìsọ̀ ni wọ́n kọ `1/15 s` sí, lábẹ́ èyí tó yà lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n kọ `1/250 s`. Ìtumọ̀ èyí ni pé nínú ìsọ̀, kámẹ́rà la ojú sílẹ̀ fún ìdá kan nínú ìdá 15 ìṣẹ́jú àáyá, ó sì pẹ́ ju ti ẹnu ọ̀nà lọ ní ìlọ́po tó lé ní 16. Gbogbo bí ọwọ́ bá ṣe mì ní àkókò yẹn, ó máa wọ inú àwòrán. Kò sí ọwọ́ alààyè tí kì í mì. Ìgbà tí kámẹ́rà bá fi la ojú ni a lè ṣe nǹkan sí, ìgbà náà sì wà lọ́wọ́ ìmọ́lẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá gbé aṣọ rẹ̀ jáde lọ sí ẹnu ọ̀nà ti mú ọwọ́ rẹ̀ dúró kó tó fọwọ́ kan fóònù.

Síbẹ̀, ó tún mú ọwọ́ náà dúró. Mo wo bó ṣe dúró láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì là díẹ̀, ọ̀kan síwájú ìkejì. Ó fi ẹ̀yìn ti òpó ìsọ̀. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ méjèèjì wọ inú, wọ́n lẹ̀ mọ́ egungun ìhà, kì í ṣe pé ó na apá jáde síwájú bí a ti ń rí i lóde ìgbéyàwó. Ọwọ́ òsì gbé fóònù náà lábẹ́, ọwọ́ ọ̀tún mú un lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìka kan ò sì bo kámẹ́rà. Ó mí sínú, ó tú u sílẹ̀ ní ìlàjì, ó dúró díẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, kò sì gbé fóònù náà kúrò títí ó fi ka ení, èjì lọ́kàn. Ohun ìkẹyìn yìí, àwọn tó ń kánjú kì í ṣe é. Wọ́n máa ń gbọ́ tí fóònù dún, wọ́n á sì ti sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ fóònù òde òní máa ń to àwòrán bíi mélòó kan pọ̀ di ẹyọ kan, pàápàá lálẹ́, ó sì lè ṣì máa gba èyí tó kù nígbà tí ọwọ́ ti ń lọ sílẹ̀.

Ọ̀nà tó gbà tẹ̀ ẹ́ ni mo fẹ́ràn jù. Kò fi àtàǹpàkò tẹ àmì róbótó tó wà lójú fóònù. Ẹni tó bá fi ọwọ́ kan mú fóònù, tó tún ń na àtàǹpàkò ọwọ́ kan náà lọ tẹ ojú rẹ̀, á ti ìdí fóònù náà sẹ́yìn lásìkò gan-an tí kámẹ́rà la ojú. Bọ́tìnì tí a fi ń mú ohùn lọ sókè, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ló fi yà á, ó sì fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láàárín ìka méjì. Bí ibi tó wà bá ṣókùnkùn tí kò sì sí ọ̀nà láti jáde, ó máa ń gbé fóònù ti orí àpótí tàbí ìdì aṣọ, á wá ṣí aago kámẹ́rà tó ń kà sẹ́yìn, kí ọwọ́ rẹ̀ ti kúrò lára fóònù kó tó yà. Nínú fóònù tirẹ̀, ó lè kà á ní ìṣẹ́jú àáyá 2. Ìyẹn tó.

Kó tó tẹ bọ́tìnì yẹn, ó ti fi ìka kan ojú òpó kan nínú Ìbàdàndùn náà lórí fóònù, kí kámẹ́rà lè mọ ibi tí kó mú. Bí a kò bá fi hàn án, ó lè lọ mú okùn tó wà níwájú, tàbí ẹni tó ń kọjá lẹ́yìn. Lórí áífóònù, bí a bá fi ìka tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ́ díẹ̀, á kọ `AE/AF LOCK` sókè, kò sì ní yí ojú kúrò níbẹ̀ mọ́. Ó tún rí i pé fóònù náà dúró ní ìdọ́gba pẹ̀lú aṣọ, kò tẹ̀ síwájú, kò tẹ̀ sẹ́yìn. Bí ó bá tẹ̀, apá kan aṣọ á jìnnà ju ìkejì lọ, igun kan á sì ṣú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le ni ìgbà tí oníbàárà kan ní Lọ́ńdọ̀nù ránṣẹ́ ohùn pé kí wọ́n jẹ́ kí òun rí igun aṣọ náà kan dáadáa. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló wà nítòsí. Fóònù tirẹ̀ tuntun, ó sì dára ju ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Ó dúró síbi tó wà, ó fi ìka méjì ya ojú fóònù náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, igun aṣọ náà sì sáré wá bá a. `4.0x` ló hàn lójú fóònù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yíjú wò ó, ó ní, "Má fà á. Rìn lọ bá a."

Mo jókòó ti ọ̀rọ̀ yẹn pẹ̀lú bírò àti ìwé. Ẹ jẹ́ ká sọ pé àwòrán fóònù kan ní àmì 4,000 lórí ìbú, àti 3,000 lórí òró rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 12. Aṣọ náà fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 2. Bí ó bá kún ìbú àwòrán, a jẹ́ pé mìlímítà kọ̀ọ̀kan lára aṣọ náà rí àmì 2 gbà. Iṣan aró tó fẹ̀ tó ìlàjì mìlímítà á rí àmì kan ṣoṣo. Àmì kan kò lè fa ìlà tó dá ṣáṣá, ojú á kàn rí i bí eruku ni. Ọmọkùnrin yìí wá súùmù lọ sí `4x`, igun tó fẹ̀ tó ìlàjì mítà sì kún ojú fóònù rẹ̀. Ojú rẹ̀ sọ fún un pé ó ti súnmọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí kámẹ́rà ṣe ni pé ó gé àárín àwòrán, ó mú àmì 1,000 lórí ìbú àti 750 lórí òró, ó ju gbogbo ìyókù nù. Ohun tó kù kò ju 750,000 lọ. Mìlímítà kọ̀ọ̀kan ṣì ní àmì 2 tó ní tẹ́lẹ̀, iṣan aró ṣì ní àmì kan. Fóònù wá na ohun tó kù yìí títí tó fi tún kún mílíọ̀nù 12, èyí tó túmọ̀ sí pé nínú àmì 16 tí a ń wò, 15 jẹ́ èyí tí fóònù fi òye ara rẹ̀ kún un. Ẹni tó mú àjákù aṣọ kékeré, tó wá ń fà á kó lè tó ìró, ló ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀: aṣọ náà kò pọ̀ sí i, òwú rẹ̀ ló ń ya kúrò lára ara wọn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní tirẹ̀ kúrò níbi tó dúró sí, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà kan àti ààbọ̀ sí aṣọ, ó rìn lọ títí ó fi kù bíi sẹ̀ńtímítà 40. Igun yẹn kan náà, tó fẹ̀ tó ìlàjì mítà, ló kún ojú fóònù rẹ̀, ṣùgbọ́n àmì 4,000 ló pín sórí rẹ̀. Mìlímítà kọ̀ọ̀kan wá ní àmì 8. Iṣan aró tó fẹ̀ tó ìlàjì mìlímítà ní àmì 4. Àmì 4 tó láti fi etí ọ̀tún àti etí òsì iṣan náà hàn, tó fi jẹ́ pé èèyàn á rí bó ṣe bẹ̀rẹ̀ tó nípọn tó sì tín-ín-rín lọ sí ìparí. Ìṣísẹ̀ méjì péré ló yà wọ́n.

Kò tún súnmọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo rí i tó dán an wò tó sì padà sẹ́yìn. Kámẹ́rà ńlá inú fóònù ní ibi tí kò lè mú nǹkan mọ́ bí a bá ti kọjá rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ fóònù, nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà 10 sí 25 ni. Ẹni tó bá gbé fóònù lé aṣọ lórí, gbogbo rẹ̀ á di kùrukùru, kò sì sí iye ìgbà tó fi ìka kàn án tí á mọ́. Kó padà sẹ́yìn ni.

Àbúrò náà kò gbà kíákíá, ó sì ní ẹjọ́ tó fẹ́ rò. Fóònù tirẹ̀ ní kámẹ́rà mẹ́ta lẹ́yìn, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ èyí tí wọ́n dìídì ṣe láti fi wo ọ̀nà jíjìn, `3x`. Òótọ́ ni pé irú èyí kì í gé àwòrán. Gíláàsì rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń fa nǹkan súnmọ́, nítorí náà bí a bá tẹ bọ́tìnì `3x` rẹ̀ gan-an, àwòrán gidi la ó rí. Ohun tó wà láàárín àwọn bọ́tìnì, bíi `2.4x`, tàbí ohun tó ju bọ́tìnì tó ga jù lọ, ni gígé. Àwọn fóònù kan tún wà tí kámẹ́rà ńlá wọn ní àmì mílíọ̀nù 48, tí `2x` wọn sì ń mú mílíọ̀nù 12 láti àárín rẹ̀ láìna ohunkóhun. Ìyẹn náà dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ ohun kan tí àbúrò náà kò mọ̀. Ó ní kó ṣí `3x`, kó dojú kọ aṣọ láti ìtòsí nínú ìsọ̀ tó ṣókùnkùn, kó wá fi ìka bo kámẹ́rà tó wà fún ọ̀nà jíjìn. Ọmọ náà bò ó. Àwòrán kò ṣókùnkùn rárá. Ó bo kámẹ́rà ńlá, ojú fóònù sì dúdú kanlẹ̀. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá kéré, tàbí tí nǹkan bá súnmọ́ jù fún kámẹ́rà ọ̀nà jíjìn, fóònù náà máa ń dákẹ́ yí padà sí kámẹ́rà ńlá, á gé àwòrán rẹ̀, á sì ṣì máa kọ `3x` síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní fóònù oníkámẹ́rà púpọ̀ lè fi ìka rẹ̀ dán èyí wò lónìí.

Ẹ̀gbọ́n náà tún sọ ohun tí mo gbà pé ó ṣe pàtàkì ju ìṣirò mi lọ: bí èèyàn bá súùmù, bí ọwọ́ ṣe ń mì náà á di ńlá. Ní `4x`, ìmì kékeré tí kò hàn ní `1x` á gbé òpó Màpó kúrò ní ipò rẹ̀. Bí kò bá sí ọ̀nà láti súnmọ́ ohun kan, bíi kí ó wà lókè àjà tàbí lẹ́yìn ọgbà, ó máa ń yà á ní `1x`, kó tó wá gé e lẹ́yìn náà. Ohun tó máa rí kò fi bẹ́ẹ̀ burú ju ti súùmù lọ, gbogbo ohun tó yí i ká sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ bó bá fẹ́ tún un gé.

Lẹ́yìn tó ti yà á tán, kò fi fóònù sápò. Ó ṣí àwòrán náà lójú ẹsẹ̀, ó fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́ títí ìlà ẹ̀kọ fi kún ojú fóònù. Ibí yìí ni mo ti rí i pé ó mọ iṣẹ́ yìí délẹ̀, nítorí kò kàn ń wò ó bóyá ó mọ́ tàbí kò mọ́. Ohun tó fa àìmọ́ ló ń kà. Nínú àwọn tó yà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ọ̀kan wà tí òpó Màpó inú rẹ̀, tó dúró gbọnrangandan, ní etí méjì-méjì, ṣùgbọ́n tí àwọn ìlà tó dábùú mọ́ kedere. Ó ní, "Ọwọ́ mi ló lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́." Òótọ́ ni. Bí fóònù bá mì lọ sí ọ̀tún tàbí òsì, ìlà tó dúró ló máa fẹ̀, èyí tó dábùú á máa gùn lórí ara rẹ̀ ni, kò ní hàn. Bí ó bá jẹ́ pé fóònù mì lọ sókè sílẹ̀, àwọn tó dábùú ni ì bá dàrú. Ìkejì wà tí òkè aṣọ mọ́, tí ìsàlẹ̀ nìkan ṣú. Ó ní afẹ́fẹ́ ni, àti pé ìgbà tí òun ya ìyẹn, òun ò tíì fi kílíìpù sí ìsàlẹ̀. Ìkẹta kò mọ́ níbi kankan lára aṣọ, ṣùgbọ́n okùn tó wà níwájú rẹ̀ mọ́ débi pé èèyàn lè rí òwú rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ọwọ́, kì í sì í ṣe afẹ́fẹ́. Kámẹ́rà ló mú ibòmíràn. Àwòrán tó bá wá ṣú látòkè délẹ̀, tí kò sí ibì kan tó mọ́, tí funfun rẹ̀ sì ń dà sórí dúdú rẹ̀, aṣọ awò ló máa ń fi ọwọ́ fà yọ fún un.

Ó pa gbogbo èyí tí kò mọ́ rẹ́. Ó fi ẹyọ kan pamọ́ fún gbogbo aṣọ, ẹyọ kan fún igun.

Bó bá fẹ́ fi ránṣẹ́, kò jẹ́ kí WhatsApp fún àwòrán náà pọ̀, nítorí ohun tó máa ń ṣe ni pé ó máa ń dín àmì àwòrán kù kó tó fi lọ. Ó máa ń tẹ `HD` kó tó fi ránṣẹ́, tàbí kó so ó mọ́ ọn bí fáìlì, èyí tó ń jẹ́ `Document` níbẹ̀. Bí ó bá so ó bẹ́ẹ̀, kò sí àmì tó dín. Dátà tó ń lò á pọ̀ sí i díẹ̀, ó sì gbà bẹ́ẹ̀.

Oníbàárà Lọ́ńdọ̀nù náà fi ohùn ránṣẹ́ padà kí n tó kúrò níbẹ̀. Kò béèrè mọ́ bóyá ẹ̀rọ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Iye owó ló béèrè, ìyá wọn sì sọ iye tó pè é, kò dín in. Èmi gbà pé nǹkan kan nínú owó yẹn jẹ́ ti ọmọ rẹ̀ obìnrin, mo sì sọ ọ́ fún un níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra àdìrẹ láti ọ̀nà jíjìn, kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ọlọ́jà nu ojú kámẹ́rà rẹ̀, kó gbé aṣọ náà bọ́ sí òjìji lẹ́nu ọ̀nà, kó sì ya igun kan fún yín láti bíi sẹ̀ńtímítà 40 ní `1x`, kó fi ránṣẹ́ bíi `Document`. Kò ní gbà á ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ọlọ́jà tó bá kọ̀ láti ṣe é, ẹ má tíì fowó ránṣẹ́ sí i.